Màlúù Mélòó ni Hẹ́kítà Kan Lè Gbà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ọlọ́sìn ní Agbègbè Àbújá

Àwọn ọlọ́sìn tó ń sọ Yorùbá ní Gwagwalada, Kwali, Kuje àti Abaji ni wọ́n kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn sì jẹ́ oníṣòwò tó ra ilẹ̀ sí ìgbèríko, tí wọ́n wá rí i pé màlúù tí wọ́n kó síbẹ̀ ń rù ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti da àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ sọ iye kan pàtó fún wa. Màlúù mélòó fún hẹ́kítà kan?

Ìdáhùn: Kò sí iye kan tó bá gbogbo ilẹ̀ mu. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu rẹ̀: bí koríko tó hù lórí ilẹ̀ yín láàárín ọdún ti pọ̀ tó, ìpín tí ẹran lè jẹ nínú rẹ̀ láì ba pápá jẹ́, àti bí ẹran náà ṣe ń jẹ tó lójúmọ́. Ilẹ̀ Sokoto tàbí ti Borno, níbi tí òjò kì í ti í pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, kò lè gbà tó ilẹ̀ Abaji, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Síbẹ̀, bí ẹni kan bá tẹnu mọ́ ọn pé kí n sọ iye, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, lórí pápá tó hù fúnra rẹ̀ ní agbègbè wa yìí, màlúù kan tó ti gbó gba nǹkan bíi hẹ́kítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá jẹ́ pé koríko ilẹ̀ náà nìkan ni yóò máa jẹ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀ ìrònú ni, ẹ má fi ra màlúù. Fún ẹni tó ń ka ilẹ̀ ní ẹ́kà, hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà oníbùú-lóròó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ́kà 2 àti ààbọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a kò kàn lè ka orí ẹran?

Ìdáhùn: Nítorí pé ẹnu akọ màlúù ńlá kò dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìwọ̀n ara ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń ṣírò. Ẹran tó wọn 250 kìlógíráàmù ni wọ́n kà sí òṣùwọ̀n kan. Abo màlúù Bunaji, ìyẹn màlúù funfun oníwo gígùn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní agbègbè wa, sábà máa ń wọn nǹkan bíi 300 kìló bó bá gbó tó sì jẹun dáadáa, nítorí náà ó ju òṣùwọ̀n kan lọ. Àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tó wọn 25 kìló jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ẹran 40 kò tíì sọ nǹkan kan fún mi títí yóò fi sọ irú ẹran tí wọ́n jẹ́ àti bí wọ́n ṣe tóbi tó.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe lè wọn koríko tó wà lórí ilẹ̀?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fo iṣẹ́. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀ kó di férémù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Ní ìparí òjò, nígbà tí koríko ti dàgbà tán, ẹ mú dòjé àti ìwọ̀n tó lè ka gíráàmù lọ sínú pápá. Ẹ gbé férémù náà sílẹ̀ ní ibi mẹ́wàá ó kéré tán, ẹ gé gbogbo koríko tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ẹ sá ti ibì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ sórí tapólì nínú oòrùn, ẹ máa yí i padà, ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́. Gíráàmù tó kù ni koríko gbígbẹ. Ẹ ro ti ibi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá, ẹ wá fi 10 sọ èsì náà di púpọ̀: ohun tí yóò jáde ni kìló koríko gbígbẹ lórí hẹ́kítà kan.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́. Èkíní ni pé ọwọ́ a máa fẹ́ gbé férémù sí ibi tí koríko ti dì. Ẹ dá ipa ọ̀nà kan tó gba àárín pápá kọjá, ẹ ka ìṣísẹ̀ iye kan náà nígbà gbogbo, kí ẹ sì gbé férémù síbi tí ẹsẹ̀ bá ti dúró, ì báà jẹ́ orí àpáta. Èkejì ni pé bí ẹran bá ti ń jẹ nínú pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àjẹkù ni ẹ óò wọ̀n. Ẹ fi ẹ̀gún tàbí wáyà ká ibi kéékèèké mélòó kan mọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí ilẹ̀ náà hù gan-an.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo koríko tí a wọ̀n ni ẹran lè jẹ?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹsẹ̀ ẹran a tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, ìgbẹ́ a bo òmíràn, ikán náà a sì jẹ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ewé tó ṣẹ́ kù ni koríko fi ń bọ́ gbòǹgbò rẹ̀, òun náà ló sì ń bo ilẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ má baà gbá a lọ. Àwọn kan máa ń fún ẹran ní ìdajì. Lórí pápá tí a kò gbìn, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo máa ń lò, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo ń ṣọ́ra jù.

Ìbéèrè: Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìdáhùn: Ká ní ẹnì kan ní hẹ́kítà 20 ní Kwali, tí ó sì wọ̀n ọ́n, tí ó rí 320 gíráàmù koríko gbígbẹ nínú férémù ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn jẹ́ 3,200 kìló lórí hẹ́kítà kan. Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 1,120 kìló, tí ó jẹ́ 22,400 kìló fún gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹran a máa jẹ koríko gbígbẹ tó tó ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, nítorí náà òṣùwọ̀n kan yóò jẹ 6.25 kìló lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi 2,280 kìló lọ́dún. Bí a bá fi èyí pín 22,400, a óò rí òṣùwọ̀n 9.8.

Kí ni òṣùwọ̀n 9.8 nínú agbo? Abo màlúù 5 tó wọn 300 kìló jẹ́ 1,500. Akọ kan tó wọn 400 mú un di 1,900. Ọ̀dọ́ màlúù 4 tó wọn 125 mú un di 2,400. Ìyẹn ti di òṣùwọ̀n 9.6, ó sì ku àyè fún àgùntàn méjì péré. Ẹni tó ra hẹ́kítà 20 pẹ̀lú èrò pé òun yóò kó màlúù 50 síbẹ̀ ní láti mọ èyí kó tó sanwó ẹran.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n nígbà òjò, koríko a máa ga ju ẹran lọ. Ṣé a kò lè kó ẹran púpọ̀ sí i nígbà náà?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹran ń lọ lẹ́yìn òjò. Fún 180 ọjọ́, òṣùwọ̀n kan yóò jẹ 1,125 kìló, nítorí náà ilẹ̀ kan náà tí a ṣírò yìí lè gba nǹkan bí òṣùwọ̀n 20 láàárín oṣù mẹ́fà. Àmọ́ ìpín ẹran ti tán nìyẹn, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ẹran kan sílẹ̀ níbẹ̀ títí òjò mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kìló nìkan kò tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, koríko ìgbẹ́ a di pòròpórò, purotéènì inú rẹ̀ a sì já wálẹ̀. Bí ó bá ti kéré sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú àpòlúkù màlúù kò ní rí ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ẹran yóò sì dín jíjẹ kù bí koríko tilẹ̀ kún iwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹran fi ń rù nínú pápá tó ṣì ní koríko. Háráwà ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà, ìyẹn ewé àti ìtàkùn wọn tó ti gbẹ, dúsà, ìyẹn èèpo ọkà, àti àkàrà èso òwú ni a fi ń dí àlàfo náà. Ẹ ra háráwà ní ìgbà ìkórè, kí ó tó wọ́n.

Iná sì tún wà. Koríko tí ẹ fi pamọ́ fún oṣù Kejì lè di eérú ní ọ̀sán kan nínú oṣù Kejìlá, nítorí náà ẹ gé ọ̀nà tí iná kò lè ré kọjá yí ilẹ̀ ká ní kété tí òjò bá ti dáwọ́ dúró.

Ìbéèrè: Bí a bá gbin koríko ńkọ́?

Ìdáhùn: Àyè yóò gbòòrò sí i. Gámbà tí a gbìn tí a sì fún ní ajílẹ̀ lè mú jáde ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sitáílò, tó jẹ́ ẹ̀yà irúgbìn ẹlẹ́pòòdì, ní tirẹ̀ máa ń di purotéènì mú wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ILCA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ọ̀sìn ní Áfíríkà, ní Kaduna gba àwọn Fúlàní níyànjú láti fi ọgbà yí nǹkan bíi hẹ́kítà 4 ká, kí wọ́n gbin sitáílò síbẹ̀, kí wọ́n sì fi pamọ́ fún abo tó lóyún àti èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ṣì fara mọ́ ọgbọ́n yẹn ju kí a gbin gbogbo ilẹ̀ lọ. Ẹ lè béèrè irúgbìn àti ìmọ̀ràn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀sìn NAPRI ní Shika, nítòsí Zaria.

Ìbéèrè: Ṣé pípín pápá sí ojú-ìpín, kí ẹran máa yí láti ọ̀kan dé èkejì, kò ní sọ iye ẹran di ìlọ́po méjì?

Ìdáhùn: Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí wọ́n jẹ pápá káàkiri dípò kí wọ́n máa há mọ́ etí omi, ó sì ń fún koríko ní ìsinmi. Iye koríko ló ṣì ń pinnu iye ẹran.

Ìbéèrè: Àgùntàn àti ewúrẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Àgùntàn ń bá màlúù du koríko, nítorí náà ẹ kà á. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé igi, ẹ sì lè fi díẹ̀ kún màlúù níbi tí igbó kékeré bá pọ̀.

Ìbéèrè: Agbo tí kì í ṣe tiwa ń gba ilẹ̀ wa kọjá. Ṣé a ní láti kà á?

Ìdáhùn: Koríko tí wọ́n jẹ ti lọ, ẹni yòówù kó ni wọ́n. Ẹ lọ bá Ardo, ìyẹn olórí àwọn Fúlàní àdúgbò, sọ̀rọ̀ kí òjò tó parí, kí ẹ fẹnu kò lórí ibi tí agbo lè gbà àti ìgbà tí wọ́n lè jẹ pòròpórò oko yín. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá yà sílẹ̀ jẹ́ èrè fún oko. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yín bá wà lójú búrtàlí, ìyẹn ọ̀nà tí agbo màlúù ń gbà kọjá, tó ti wà tipẹ́tipẹ́, ẹ má fi ọgbà dí i.

Ìbéèrè: Kí la óò rí tí a óò fi mọ̀ pé ẹran ti pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo gámbà. Koríko tí ẹran fẹ́ràn ló máa ń tán ṣáájú. Nígbà tí ó bá ń dín kù tí tàfásà àti koríko kúkúrú líle ń gba ipò rẹ̀, tí ilẹ̀ tó hàn gbangba láàárín ìdí koríko sì ń fẹ̀ lọ́dọọdún, ẹran ti pọ̀ jù, bí ara wọn tilẹ̀ ń dán nínú oṣù Kẹjọ. Bí ìwọ̀n oṣù Kẹwàá bá fi hàn pé koríko kò lè tó, ẹ ta ẹran nígbà náà, nígbà tí wọ́n ṣì sanra, ẹ má dúró di oṣù Kejì tí gbogbo ènìyàn ń kó ẹran rírù lọ sọ́jà. Abo tó ti darúgbó àti èyí tí kò bímọ mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà akọ tí ẹ kò ní fi gun abo.