Ètò Àtúnkà Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta fún Ìdánwò Òfin Ìwà Ọ̀daràn

Ìdánwò: Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní Ifẹ̀. Ìbéèrè mẹ́fà, ká dáhùn mẹ́rin ní wákàtí mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 45 ni ìbéèrè kan ní.

Ní sáà tó kọjá, mo kàwé títí ojú mi fi pọ́n, àmọ́ n kò jókòó kọ ìdáhùn kan ṣoṣo rí. Ìbéèrè méjì àbọ̀ ni mo ṣe tí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kíkọ ló máa pọ̀ ju kíkà lọ.

Ọ̀SẸ̀ KÌÍNÍ (ṣíìfù àárọ̀, 6 sí 2)

Tí mo bá ti ilé epo dé, kí n wẹ̀, kí n sùn wákàtí kan. 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ ni ti ìwé, kí iná wà tàbí kó má wà.

Mọ́ńdè: Abala 36(12) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999: a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àyàfi tí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá pe ohun tó ṣe ní ẹ̀ṣẹ̀, tó sì sọ ìjìyà rẹ̀. Ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, 1961, ni kí n fi tì í lẹ́yìn: wọ́n dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e torí kò sí òfin tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Túsìdè: Láti ibí lọ, inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, Criminal Code, ni gbogbo abala wà. Abala 24, ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí ìfẹ́ ọkàn ẹni tàbí tó jẹ́ èèṣì. Abala 25, àṣìṣe tó jẹ́ òótọ́ tó sì bọ́gbọ́n mu. Ọdẹ tó yìnbọn sínú igbó ni kí n fi máa rántí méjèèjì.

Wẹ́sìdeè: Abala 7, 8 àti 10, àwọn tó lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀. Abala 4, ìgbìyànjú. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ.

Tọ́sìdeè: Olè jíjà, abala 383. Èyí ń ṣẹlẹ̀ lójú mi lójoojúmọ́. Ká ní ẹnì kan mú 5,000 náírà nínú owó epo, tó ní òun á dá a padà tí owó oṣù bá wọlé. Ọ̀pọ̀ wa ló máa sọ pé yíyá ló yá a. Àmọ́ 383(2)(f) sọ pé tó bá jẹ́ owó ni, tí ẹni náà sì fẹ́ ná an bó ṣe wù ú, èrò pé òun á san án padà kò gbà á sílẹ̀. Kí n rí i pé mo kọ èyí. Lẹ́yìn náà, abala 401: tí ipá tàbí ìdẹ́rùbà bá wọ̀ ọ́ ní kété kí ó tó jalè, nígbà tó ń jà á, tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀.

Fúráìdeè: aṣọ fífọ̀. N kò ní ka nǹkan kan.

Sátidé: kíláàsì ní Ifẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, kí n gbọ́ ohùn ara mi tí mo gbà sórí fóònù.

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn: ìbéèrè olè jíjà kan, ìṣẹ́jú 45, fóònù nínú yàrá Màmá.

Ọ̀SẸ̀ KEJÌ (ṣíìfù ọ̀sán, 2 sí 9)

Ọ̀sẹ̀ yìí ló dùn jù, torí orí mi máa ń fúyẹ́ láàárọ̀. 6 sí 9 àárọ̀, ojoojúmọ́. Ìpànìyàn nìkan àti ohun tó lè gba ẹni tó pànìyàn.

Mọ́ńdè sí Túsìdè: abala 315 sí 317, ìjìyà ní 319 àti 325. Kí n há oríṣi èrò tó wà nínú 316 sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti pàdánù máàkì, torí mo rò pé èrò láti pa ènìyàn nìkan ló ń sọ ọ́ di ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe gidigidi náà wà níbẹ̀.

Wẹ́sìdeè: ìmúnibínú, 318. Ìbínú náà gbọ́dọ̀ dé lójijì, kó wúwo, kí ó má sì tíì rọlẹ̀ nígbà tó pa á. Ẹni tó lọ sílé lọ mú àdá, tó jẹun, tó tún padà wá, ìbínú rẹ̀ ti ní àyè láti tutù. Tó bá yọrí, ẹ̀ṣẹ̀ náà á sọ̀ kalẹ̀ sí ìpànìyàn tí kò tó ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, èyí tó wà ní 317, kò ní dá a sílẹ̀.

Tọ́sìdeè: gbígbèjà ara ẹni, 286 àti 287.

Fúráìdeè: wèrè (27, 28), ọtí (29), ọmọdé (30). Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kò lè jẹ̀bi rárá. Tí kò bá tíì pé méjìlá, àfi tí wọ́n bá fi hàn pé ó mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é.

Sọ́ńdè: ìdáhùn méjì tẹ̀ léra, láìsinmi.

Ọ̀SẸ̀ KẸTA (ṣíìfù àárọ̀)

Kò sí kíkà tuntun. Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè, ìdáhùn kan lójúmọ́ látinú ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá. Tọ́sìdeè, mẹ́rin papọ̀, wákàtí mẹ́ta. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ á gba ṣíìfù mi, mo ti bá Máníjà sọ ọ́, mo máa san án padà ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìdánwò.

Fúráìdeè: iṣẹ́ títí di aago méjì. Bíírò mẹ́ta, káàdì ìdánwò, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, gbogbo rẹ̀ sínú báàgì. Kí n sùn ní aago mẹ́sàn-án. Sátidé, kí n ti kúrò ní Iléṣà ní aago méje.