Ẹ̀kọ́ Oṣù Kìíní fún Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Jésù, Adó-Èkìtì

Ẹ káàbọ̀ sínú agbo. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin la ó fi kẹ́kọ̀ọ́ yìí, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú Bíbélì àti bírò dání.

Àdúrà ló ṣáájú. Ẹ ṣí Mátíù 6:9–13. Orúkọ Bàbá ni Jésù kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún, kó tó kan oúnjẹ òòjọ́. Ariwo kọ́ ni agbára o! Ẹni tó ń lọ sóko lè gbàdúrà lójú ọ̀nà, kódà ní èdè Èkìtì tó ń sọ nílé.

Ìhìnrere Máàkù la ó kà: orí 16 ni, orí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan: kí ni Jésù ṣe níbí? Màmá tí kò mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé kà á sókè fún yín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ààwẹ̀. Ọjọ́rú, láti àárọ̀ dé aago méjìlá ọ̀sán; ẹ lè mu omi. Aláboyún, ọlọ́gbẹ́ inú àti ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má gbà á láì bi dókítà. Ẹ fọ ojú yín, ẹ má fajú ro, Mátíù 6:16–18 ti kìlọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná ni kí ẹ fi ṣínu. Iyán lè dúró dalẹ́. Aísáyà 58:7 ní ká fún ẹni tébi ń pa lóúnjẹ, nítorí náà, oúnjẹ àárọ̀ tí ẹ kò jẹ, ẹ gbé e fún aládùúgbò.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìbéèrè nìkan.