Síláìdì ẹgbẹ́ àwọn ìyá onígàárì: ohun tó yẹ kó o tún ṣe kí Ọjọ́bọ̀ tó dé

Àbúrò mi, mo ti wo síláìdì 17 tó o fi ránṣẹ́, mo wò ó lórí láptọ́ọ̀pù, mo tún wò ó lórí fóònù torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ yáwó lọ́wọ́ wọn yẹn máa ṣí i lórí Wasáàpù kí wọ́n tó dé ìpàdé. O kú iṣẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yá àwọn ìyá yẹn lówó, ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ojú abẹ níkòó fún ẹ nìyẹn. Bó ṣe wà báyìí, èèyàn lè jókòó wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin kó má lè sọ fún ẹni tó bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà pé iye báyìí ni wọ́n ń fẹ́, nǹkan báyìí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Owó yẹn wà níbẹ̀ o, inú tébù kékeré kan ní síláìdì 6 ló sá pamọ́ sí.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù. Wo síláìdì 5, mo da ohun tó o kọ síbẹ̀ kọ bó ṣe wà:

"Gbágùúdá tí a bá ti hú kì í pẹ́ rárá kí ó tó bàjẹ́, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú, nítorí náà ó pọn dandan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa láti gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ìrin tí ó wà ní abúlé kejì, èyí tí ó máa ń fa ìnáwó ọkọ̀ àti ìdádúró, pàápàá nígbà tí èrò bá pọ̀ níbẹ̀ tàbí tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, èyí sì ń ṣe àkóbá fún èrè àwọn ìyá wa."

Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn, irú ẹ̀ mẹ́ta míì ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Lórí fóònù mi, lẹ́tà yẹn rí bí èèrà. Tó o bá gbé e sójú ògiri, gbogbo ìgbìmọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìwọ náà á máa sọ̀rọ̀, wọn ò sì ní gbọ́ ẹ, torí kò sẹ́ni tó lè máa kàwé kó tún máa gbọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá wá ní kóo kà á sí wọn létí ńkọ́, ìyẹn tún burú jù, wọ́n á ti kà á tán kóo tó dé ìlàjì, wọ́n á wá máa tẹ fóònù wọn.

Ohun tí màá ṣe síbẹ̀ rèé. Ní kí ìyá kan mú gbágùúdá tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, kó gé e sí ọ̀nà méjì, kóo ya inú ẹ̀ ní fọ́tò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa, kí ilà dúdú yẹn hàn kedere. Fọ́tò yẹn ló máa gba gbogbo síláìdì náà. Lábẹ́ ẹ̀, kọ ọ́ gàdàgbà: "Ọjọ́ 2 sí 3 péré, ó ti bàjẹ́." Ó tán. Ọ̀rọ̀ abúlé kejì, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, ọ̀rọ̀ èrò tó ń tò síbi ẹ̀rọ, ẹnu ẹ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, kó gbogbo ẹ̀ sínú Notes nísàlẹ̀ síláìdì, ìwọ nìkan lo máa rí i. Àwọn tó wà ní ìgbìmọ̀ yẹn mọ gbágùúdá dáadáa, tí wọ́n bá ti rí ilà dúdú yẹn, o ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ mọ́.

Bákan náà ni kóo ṣe sí 8 àti 9. Síláìdì 12 tó o fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe gàárì láti orí bíbó, fífọ̀, rírin, dídì sápò, fífún omi, jíjọ̀ títí dé yíyan, yọ ọ́ kúrò pátápátá jàre. Ìjẹ̀bú-Igbó lo ti fẹ́ sọ ọ́ o! Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan gàárì níbẹ̀?

Ní ti bí ìtàn yẹn ṣe ń lọ, ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù, torí ìtàn tó dáa lo ní lọ́wọ́, o kàn gé e wẹ́wẹ́ ni. Síláìdì 3 lọ bá àwọn Potogí tó gbé gbágùúdá wá sílẹ̀ Áfíríkà láti apá Gúúsù Amẹ́ríkà, síláìdì 4 ń sọ̀rọ̀ nípa IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 àti irúgbìn TMS 30572, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, Nàìjíríà náà ló sì ń ṣe gbágùúdá jù lágbàáyé, ṣùgbọ́n àwọn ìyá yìí ò wá yáwó ra irúgbìn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ ẹ á ti máa rò pé oko lẹ fẹ́ dá. Lẹ́yìn ìyẹn, gbágùúdá bàjẹ́ ní 5, o bèèrè owó ní 6, o wá padà sọ àǹfààní tó wà nínú jíjẹ gàárì ní 7, ó di 9 kóo tó sọ pé èéfín ń pa àwọn ìyá lójú, ẹ̀rọ gan-an ò dé àfi 13, bí ẹ ṣe máa sanwó wá wà ní 14. Kí ni wọ́n á fi gbé owó tó o bèèrè ní 6 yẹn wò nígbà tí wọn ò tíì rí ìṣòro, tí wọn ò tíì rí ẹ̀rọ? Wọ́n á kàn rí owó ńlá ni, ọkàn wọn á ti pa dé.

Ṣe nǹkan kan fún mi. Ṣí View, kóo tẹ Slide Sorter, kí gbogbo síláìdì tò síwájú ẹ, kóo wá ka àkọlé wọn nìkan sókè, má ka nǹkan míì. Ohun tí mo gbọ́ nígbà tí mo kà á ni "Ìfáàrà, Ìtàn Ṣókí, Irúgbìn, Ìpèníjà, Ètò Ìnáwó, Àǹfààní, Ìpèníjà Míràn..." Ìwọ náà gbọ́ ọ. Kò sí ìtàn níbẹ̀. Fi gbólóhùn tó dá dúró ṣe àkọlé, kí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé lè ka àkọlé nìkan kó sì mọ ibi tọ́rọ̀ dé.

Bí mo ṣe fẹ́ kó tẹ̀ léra nìyí, síláìdì méje péré: "Àwa ìyá 25 la jọ ń yan gàárì." Ó tẹ̀ lé e, "Gbágùúdá wa ń bàjẹ́ ká tó rin ín." Lẹ́yìn ìyẹn, "Òkúta ò fún omi ẹ̀ dáadáa, igi tí à ń dá wá ń pọ̀." Kó tó kan "Èéfín ń pa wá lójú lójoojúmọ́." Lẹ́yìn náà ni "Ohun mẹ́ta ló máa bá wa tán an," tí wàá ti fi ẹ̀rọ ìrin, jáàkì méjì àti ààrò tó ní ihò èéfín hàn wọ́n ní fọ́tò. Lẹ́yìn ẹ̀, "Bá a ṣe máa san án rèé," kó wá kan èyí tó gbẹ̀yìn. Ìṣòro mẹ́ta, ohun mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan bá èkejì ẹ̀ mu: ẹ̀rọ ìrin fún bíbàjẹ́, jáàkì fún omi, ààrò fún èéfín. Ẹni tó bá fẹ́ bi ẹ́ pé "kí lẹ fẹ́ fi jáàkì ṣe?" á ti rí èsì kó tó la ẹnu.

Ó sì ku ọ̀rọ̀ kan lórí jáàkì yẹn tó o gbọ́dọ̀ tún ṣe, má jẹ́ kó bọ́. Síláìdì 13 ní "jáàkì yóò mú kí gàárì parí láàárín ọjọ́ kan." Há! Má sọ ìyẹn níwájú ará Ìjẹ̀bú. Kíkan ni wọ́n fi mọ gàárì Ìjẹ̀bú, ó gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kó tó kan, kíkan yẹn náà sì wà lára ohun tó ń dín oró inú gbágùúdá kù. Tó o bá ní ọjọ́ kan, ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ á bi ẹ́ pé ṣé gàárì tí kò kan lẹ fẹ́ máa tà fún àwa, ìpàdé sì bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí jáàkì ń ṣe ni pé lẹ́yìn tó bá ti kan tán, á fún omi ẹ̀ jáde dọ́gba dọ́gba, kò ní rí bíi ti òkúta tí ẹ̀gbẹ́ kan á gbẹ tí àárín á ṣì tutù. Èyí tó bá gbẹ dáadáa kì í pẹ́ lórí iná, igi tó máa jẹ á dín kù. Sọ ọ́ báyẹn, òótọ́ ni, ó sì dáa ju ti ọjọ́ kan lọ.

Ó wá ku ìparí. "A Dúpẹ́. Ìbéèrè?" pẹ̀lú àwòrán òdòdó. Àbúrò mi, síláìdì tó gbẹ̀yìn ló máa ń pẹ́ jù lójú ògiri, ibẹ̀ ló máa wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń bi yín ní ìbéèrè, tí wọ́n bá tún ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ara wọn. Òdòdó lo wá fi síbẹ̀! Èyí tó ṣáájú ẹ̀ sì sọ pé ẹ máa san owó padà "ní kíákíá," kíákíá ò tó nǹkan létí ẹni tó fẹ́ yáni lówó. Gbé ìṣirò tó wà ní síláìdì 6 síta, ó dáa gan-an, mi ò mọ ìdí tó o fi tì í mọ́nú tébù. Èyí ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, lẹ́tà ńlá:

"A fẹ́ yá ₦4,500,000.
Ẹ̀rọ ìrin ₦1,500,000. Jáàkì méjì ₦1,000,000. Ààrò ₦2,000,000.
Oṣù 18 la máa fi san án: ₦250,000 lóṣù, ₦10,000 látọwọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan, èlé tiẹ̀ lọ́tọ̀.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ibi iṣẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ lè fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó le."

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Tí o ò bá sọ ohun tó kàn tí wọ́n máa ṣe, wọ́n á ní "a ti gbọ́, ẹ máa lọ ilé," ó di oṣù wo nìyẹn? Tí ẹ̀rùn bá sì ti mú, tí ilẹ̀ le, híhú gbágùúdá á nira, èyí tẹ́ ẹ máa rí rin á kéré, owó oṣù àkọ́kọ́ á wá ṣòro san. Wọ́n á mọ̀ pé ẹ ti ro ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn náà, má yọ ọ́, torí mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ìyá kan tó ń yan gàárì lè dá lóṣù.

Mo sì fẹ́ kó jẹ́ Ìyá Alága ló máa sọ síláìdì tó gbẹ̀yìn yẹn fúnra wọn. Ìwọ sọ mẹ́fà àkọ́kọ́, kóo wá jókòó. Tó bá di ibi èéfín, tẹ B lórí kíbọ́ọ̀dù kí ojú ògiri dúdú, kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá sọ bí ojú wọn ṣe ń ṣe wọ́n, tó bá tán kóo tún B tẹ̀ kó padà.

Bá mi béèrè lọ́wọ́ Ìyá Alága bóyá gbogbo ìyá 25 ló fara mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn, torí ìgbìmọ̀ yẹn máa bi wọ́n. Fi èyí tó o bá tún ṣe ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ Ọjọ́rú, kó má ju méje lọ o, màá pè ẹ́ ká jọ kà á sókè lórí fóònù.