Ọ̀rọ̀ Olórí Ẹgbẹ́ Ìṣirò Lórí Ìdíje Jiọ́mẹ́tìrì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo dúró níwájú yín láti bẹ̀ yín pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje jiọ́mẹ́tìrì tí ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò ṣe ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti gbà lọ́kàn pé àwọn tó ń yára ṣírò nìkan ni ìdíje yìí wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwòrán lè rí ohun tí ẹni tó ń sáré kò ní rí.

Ẹ gé bébà sí onígun mẹ́ta, irú èyí tó bá wù yín, ẹ ya igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì kó ṣóńṣó wọn jọ sójú kan: ẹ óò rí i pé etí wọn di ìlà gbọọrọ kan, èyí tí í ṣe 180 digíríì. Ṣùgbọ́n bébà kan ṣoṣo lẹ wò. Kò tíì di ẹ̀rí fún gbogbo onígun mẹ́ta. Ẹ wá ya àwòrán onígun mẹ́ta mìíràn, kí ẹ fa ìlà gba ṣóńṣó òkè rẹ̀, ìlà tí kò ní pàdé ìlà ìsàlẹ̀ láé bó ti wù kó gùn tó. Igun ìsàlẹ̀ méjèèjì yóò fara hàn lókè, ọ̀kan lápá ọ̀tún igun kẹta, èkejì lápá òsì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì kún orí ìlà náà gẹ́lẹ́. Ìlà kan péré la fi kún un, ọ̀rọ̀ sì yanjú! Yúkílíìdì, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì àtijọ́, náà fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù. Ní tèmi, n kò mọ ohun tó dùn ju kí ènìyàn rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Mo kópa lọ́dún tó kọjá, n kò sì gba ẹ̀bùn kankan. Ìbéèrè kẹrin gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ mi, nítorí pé mo ń ṣírò ṣáá láìfa ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kí n fà. Nígbà tí olùkọ́ wa fà á lójú pátákó, gbogbo àwòrán náà yí padà lójú mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń kọ́kọ́ wo àwòrán kí n tó gbé kálàmù.

Ìbéèrè mẹ́fà ni a óò dáhùn láàárín wákàtí kan àtààbọ̀, a ó sì fún ẹni tó ṣàlàyé èrò rẹ̀ ní máàkì bí kò tilẹ̀ dé òpin. Rúlà, kọ́ńpáàsì àti pẹ́ńsù lẹ óò mú wá. Ẹgbẹ́ wa yóò máa ṣe ìgbaradì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àní fún ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí, títí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi kí ẹ tó kúrò nínú gbọ̀ngàn yìí.