Rédíò Tó Yadi

Lórí àtẹ alálòkù ni èmi àti Délé ti rí i, láàárín àwọn aago tó ti kú. Alátẹ náà ò fi pa mọ́ fún wa pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Délé ní ká gbé e.

Nílé, a ki bátìrì tuntun 4 bọ̀ ọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Ara mi ò gbà á. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àwọn kọ́ìlì kéékèèké tó wà nínú àpótí irin, ni mo bá fi sukurudiráfà yí èyí tí orí rẹ̀ pupa. Délé gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Kí lo rí tó o fi yí i?"

N kò rí èsì fọ̀.

A wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti ń wọlé. Míítà ka fóltì 6.2 lára bátìrì, ó ka òdo lórí bọ́ọ̀dù. Ọ̀nà ni iná ń kú sí. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo irin tó gbé bátìrì dúró. A fi ọ̀bẹ ha á títí ó fi ń dán. Iná dé bọ́ọ̀dù, síbẹ̀ rédíò ò fọhùn. Mo ti rò pé àìsàn kan ṣoṣo ló máa ń ṣe rédíò lẹ́ẹ̀kan.

"Sípíkà ló jó," ni mo wí. "Ká ra òmíràn."

"Dán an wò ná."

A pa rédíò, a tú wáyà sípíkà kan, a fi bátìrì ẹyọ kan kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Krẹ́! Ó yè. Ká ní a ti rà á ńkọ́? A so wáyà náà padà, a tan rédíò.

Délé fa ìlà sórí bébà, láti eríà dé sípíkà, ó kọ fọ́líọ̀mù sí àárín. "Fi irin kan ẹsẹ̀ àárín fọ́líọ̀mù. Bó bá hùn, apá eríà ni ká wá àrùn sí. Bí kò bá hùn, apá sípíkà ni." Kò hùn. Ìfọwọ́kàn kan péré, ó sì ti yọ ìdajì rédíò kúrò nínú ohun tá à ń wá! Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju ohun tó tẹ̀ lé e lọ.

Mo wá ki íafóònù bọ ihò rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn sí mi létí, jẹ́jẹ́. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ihò yẹn tó máa ń yà kúrò lára èkejì bí íafóònù bá wọlé, kí sípíkà lè dákẹ́. Èyí ti yà, kò padà mọ́. A nù ún, a rọra tẹ̀ ẹ́ padà.

Ohùn gba yàrá, àmọ́ kò lókun. Mo mọ ẹni tó fà á. Mo gbẹ́ igi tín-ín-rín kan, torí irin máa ń da kọ́ìlì rú, mo sì na ọwọ́ sí olórí pupa náà.

Délé na bíró sí mi. Mo kọ́kọ́ fàmì sí ibi tó wà, kí n tó yí i padà díẹ̀díẹ̀, tí ọkùnrin náà fi ń sọ̀rọ̀ ketekete.