Ọjà Bódìjà láìra ẹran: àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni méjì

Ilé ẹni méjì n'Íbàdàn la kọ èyí fún, ilé tí ẹran ti ń ṣe ọ̀gá nínú àwo tipẹ́: ṣàkì sí àmàlà, ògúnfe lópin ọ̀sẹ̀, pọ̀nmọ́ nínú ẹ̀fọ́ rírò. Ohun tó kúrò nílé báyìí ni ẹran, adìyẹ, ẹja, edé àti ìgbín. Ẹyin, mílíìkì àti wàrà ṣì wà. Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́ o. Awọ màlúù ni, ẹran náà ló jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á se ọbẹ̀ wọn bí wọ́n ti máa ń sè é, wọ́n á kàn yọ ẹran kúrò. Ọbẹ̀ náà á ṣá lẹ́nu, ebi á sì pa wọ́n kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹran ń ṣe nínú ìkòkò: omi rẹ̀ ń mú ọbẹ̀ dùn, ọ̀rá rẹ̀ ń mú un dán, ẹran fúnra rẹ̀ ń fún eyín níṣẹ́ ṣe, purotéènì inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ebi pẹ́ kó tó dé. Gbogbo ohun tó wà lórí àkọsílẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́rin yẹn ló wá ṣe.

Ohun tí ẹ ó rà

Lọ́dọ̀ àwọn elẹ́wà:
- ẹ̀wà olóyin, kóńgò 1
- ẹ̀wà sóyà, dẹ́ríkà 1 (ẹ pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má baà fọwọ́ júwe ibi tí onísúyà wà fún yín)
- ẹ̀pà tútù, dẹ́ríkà 1
- ẹ̀gúsí bíbó, ago mílíìkì 3

Lọ́dọ̀ àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́:
- tàtàṣé 8, ata rodo 12, tòmátì 10, àlùbọ́sà ńlá 8
- ata ilẹ̀ tútù díẹ̀, aáyù 2
- ṣọkọ ìdì 2, tẹ̀tẹ̀ ìdì 2, ẹ̀wẹ̀dù ìdì 2
- irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀, ẹ ra méjèèjì
- olú gbígbẹ, ẹ̀kúnwọ́ 3

Àwọn yòókù: ẹyin 15, ìyẹn ìdajì kéréètì, wàrà 8, epo pupa ìgò 1, òróró lítà 1, ọsàn 14, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà 6, yájì tí onísúyà ń lò, ọ̀rá kékeré kan. Èlùbọ́, gaàrí, ìrẹsì àti iṣu, ẹ lo èyí tó wà nílé. Ẹ má fi owó ẹran ra iṣu kún iṣu, torí àṣìṣe ńlá nìyẹn: òkèlè á pọ̀, kò ní sí ohun tí ara á fi ṣe ẹran.

Bí ẹ ṣe máa yan ọjà

Ẹ̀wà: ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ wo ihò kòkòrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí oògùn kòkòrò, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ̀wà olóyin la yàn nítorí pé kì í pẹ́ jinná, adùn sì wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ jù ní àká á gba gáàsì yín tán, kò sì ní rọ̀.

Wàrà tó dáa funfun, ó sì le díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń kan, ó ti pẹ́ nínú omi. Àwọn Fúlàní ń fi oje ewé bọmubọmu mú mílíìkì rẹ̀ dì, nítorí náà kò sí nǹkan ẹran níbẹ̀. Ẹ sè é nínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì.

Olú, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má lọ ṣa a nínú igbó fúnra yín. Olóró wà nínú wọn tó jọ èyí tí à ń jẹ gan-an.

Màgí náà ńkọ́? Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti adìyẹ tàbí ti edé kò bá wa mu. Bí irú bá pọ̀ tó, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Omi tó máa rọ́pò omi ẹran

Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ sè lọ́jọ́ tí ẹ bá tọjà dé. Ẹ da omi gbígbóná ife 5 sórí ẹ̀kúnwọ́ olú gbígbẹ kan, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kó olú jáde, kí ẹ rọra sẹ́ omi náà. Ẹ má da ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ wá gbé omi yẹn kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà kan tí ẹ ti sun títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú, aáyù eyọ 3, ata ilẹ̀ díẹ̀, irú wooro ṣíbí ìjẹun 2 àti iyọ̀. Ìṣẹ́jú 25 ti tó. Ọbẹ̀ méjì tàbí ìrẹsì kan ni èyí máa sè. Olú tí ẹ kó jáde, ẹ gé e, ẹ dín in. Òun ni eyín máa rí jẹ nínú ọbẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé ọbẹ̀ aláìlẹ́ran ò dùn, irú ni wọn ò fi sí i. Ẹ dín irú pẹ̀tẹ̀ nínú epo gbígbóná fún ìṣẹ́jú 2 kí ata tó wọlé, òórùn rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ jù sínú omi.

Ẹ̀wà, àti ọ̀ràn inú

Inú á kún, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, tó wá ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, inú rẹ̀ á ṣe wúruwùru. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun wa kò lè dà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń jáde. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún wákàtí 6 sí 8, kí ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ tó fi omi míràn sè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ife fún ẹnì kan, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má da tòmátì sí ẹ̀wà tí kò tíì jinná, kíkan inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà rọ̀. Ẹ má sì fi káún sè é nítorí ìkánjú: á jinná kíákíá lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba fítámìn B1 inú rẹ̀ jẹ́.

Ti àkàrà àti mọ́ínmọ́ín yàtọ̀. Ìṣẹ́jú 10 péré lẹ ó fi rẹ ẹ̀wà wọn, kí èèpo ṣáà lè bó. Bó bá pẹ́ nínú omi, á mu omi jù, ẹ̀wà lílọ̀ á ṣàn, àkàrà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ nínú epo. Ẹ po ẹ̀wà àkàrà fún ìṣẹ́jú 5 títí tó fi fúyẹ́. Ìgbà tí epo bá ti gbóná tán ni kí iyọ̀ wọ̀ ọ́, torí iyọ̀ máa ń jẹ́ kó sọ omi. Mọ́ínmọ́ín, ẹ fi ẹyin sísè sí i, àti olú díndín dípò ẹja.

Wàrà sóyà

Èyí tí wọ́n ń pè ní béske nìyí. Ẹ lè rà á ní díndín, àmọ́ ti ilé dára jù. Ẹ rẹ ìdajì dẹ́ríkà sóyà di ọjọ́ kejì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi funfun náà kaná nínú ìkòkò tó tóbi ju bó ti yẹ lọ, nítorí ó máa hó kún, á sì dà sílẹ̀ lójijì. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Sóyà tí kò jinná ń da inú rú. Ẹ wá rọra da omíkan ògì ife 1 sí i. Bí kò bá dì, tí omi rẹ̀ ṣì funfun, omíkan kò kan tó, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bó bá ti ya, ẹ dà á sínú aṣọ, kí ẹ gbé òkúta lé e fún wákàtí kan.

Ẹ gé e, ẹ nù ún gbẹ pẹ̀lú aṣọ, ẹ dín in nínú òróró gbígbóná. Èyí tí ẹ kò nù gbẹ á máa ta sí yín lára. Yájì tí ẹ rà, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù. Kúlíkúlí, ata àti ata ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú yájì. Adùn tí ẹ ti ń pè ní adùn ẹran súyà, ìdajì rẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọ̀sẹ̀ náà

Ọjọ́ tó rọrùn jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: àmàlà, ẹ̀wẹ̀dù àti gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, kò nílò ẹran kankan. Ọbẹ̀ ata nìkan lẹ ó fi omi olú sè. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹ̀gúsí oníṣù: ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí kí ó ki, ẹ fi ṣíbí bù ú sínú ata, ẹ dé e, ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á túká. Wàrà díndín wọ inú rẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tó kù, ẹ fi àkàrà àti ògì, iṣu àti ẹyin, ìrẹsì àti wàrà sóyà pààrọ̀ ara wọn. Ẹ̀pà sísun ni fún ọwọ́ tó ń wá nǹkan jẹ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí tíì dúró fún wákàtí kan. Ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì ń dí i lọ́nà. Fítámìn B12 kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ rárá, ẹyin àti mílíìkì ni ẹ ti ń rí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn B12. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní búkà àti lóde ìnáwó

"Ẹ má fi ẹran sí i" kò tó. Ẹ bi wọ́n pé, "Mà, ṣé omi ẹran lẹ fi se ọbẹ̀ yìí? Ṣé edé wà nínú ẹ̀fọ́ yìí?" Ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ti òde ìnáwó, omi adìyẹ ni wọ́n sábà máa ń fi sè é. Ata ẹ̀wà àgànyìn náà máa ń ní edé lọ́dọ̀ àwọn kan. Bó bá jẹ́ ilé ìyá ọkọ tàbí àwọn àgbà lẹ ń lọ, ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú: "Ẹ kú ilé mà. Mi ò jẹ ẹran àti ẹja mọ́, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi se ẹyin díẹ̀." Wọ́n lè bínú díẹ̀ lórí fóònù, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ máa ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo lójú wọn.

Bí ẹ̀wà bá ṣẹ́kù tó ìdajì kóńgò lópin ọ̀sẹ̀, òkèlè ṣì pọ̀ jù nínú oúnjẹ yín. Ẹ dín èlùbọ́ kù lọ́sẹ̀ kejì. Bí irú ló kọ́kọ́ tán, ẹ ń ṣe dáadáa, ẹ ra ìlọ́po méjì.