Ọ̀kadà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìtòkú: ìtọ́ni fún AI tó máa ṣe fídíò ìṣẹ́jú àáyá 8

Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 8, àyàlọ kan ṣoṣo, kò sí gígé. Kámẹ́rà ń tẹ̀lé ọ̀kadà kan lẹ́yìn díẹ̀, lápá òsì, ní gíga ìbàdí. Kó má sún mọ́ ọn, kó má jìnnà sí i.

Ìtòkú, Abẹ́òkúta, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà ọlọ́dà tóóró, ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń tọ̀, gọ́tà wà létí rẹ̀. Ìsọ̀ aláàdìrẹ tò lọ lẹ́yìn gọ́tà, kí wọ́n rí bàìbàì; lókè wọn, òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Oòrùn ń ti òsì bọ̀: òjìji gbogbo nǹkan ṣubú sọ́tùn-ún, ti ọ̀kadà sì lẹ̀ mọ́ ìdí táyà rẹ̀.

Bàjáàjì pupa tó ti gbó. Táyà méjì, ìwọ̀n kan náà, rímù onísípóòkì. Páànù tó bo ṣéènì la ń rí lápá òsì yìí. Ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà, kó má fò wá sí òsì. Ẹrẹ̀ ti bo nọ́ńbà ẹ̀yìn, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Eré rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 20 ní wákàtí kan, torí náà táyà ń yí bí ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síwájú nìkan. Sípóòkì á pòòyì di bàìbàì; ìgbà tó bá dúró la tó lè kà wọ́n.

Ọlọ́kadà: ọkùnrin bí ọmọ ogójì ọdún, àṣíborí yẹ́lò, ṣẹ́ẹ̀tì aláró tí kò lọ́nà lára. Àdìrẹ ni ìbá wù mí kó wọ̀, Ìtòkú kúkú ni, àmọ́ nínú fídíò AI, ọnà àdìrẹ kì í dúró sójú kan bí ara bá ń mì. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí hándù. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó la ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó gbé ìdì kan sáàárín àwọn méjèèjì. Ènìyàn méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin, títí dé òpin.

0 sí 2: ọ̀kadà ń bọ̀ lẹ́yìn Maikírà méjì tó dúró gbọnin.
2 sí 6: ó yà sósì, ọ̀kadà àti àwọn méjèèjì tẹ̀ sósì pọ̀, ó gba àárín Maikírà àti dánfó kọjá, dígí rẹ̀ ku bí ìbú ọwọ́ kan kó kan ti mọ́tò, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún nàró. Táyà ò kúrò lórí ọ̀dà, kò rì sínú rẹ̀, kò gba inú mọ́tò kọjá.
6 sí 8: ọmọbìnrin tó gbé igbá ẹ̀pà sórí fẹ́ sọdá. Ọlọ́kadà tẹ búréèkì, iwájú ọ̀kadà tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wà lórí búréèkì.

Ìró: ẹ́ńjìnnì, fèrè ọkọ̀, ariwo ọjà. Kò sí orin.